Ṣé Ara Yín Le?

Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa bínú sí ẹlòmíràn, nítorí inú ṣì ń bí mi títí di òní, bí inú bá sì ti ń bí mi, n kì í rántí ibi tí ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ni mí nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tí a ń kọ́ ọmọdé ní ilé-kéwú ní Kaduna. Ọmọ Ìlọrin ló pọ̀ jù nínú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò Tudun Wada níbẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ sí, tí Hausa sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọdọọdún la máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún àwọn olùkọ́. Èmi ni mo máa ń gba orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀, torí pé iṣẹ́ fáìlì ni mo fi ń jẹun ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn èèyàn mi sì gbà pé ẹni tó bá ń tọ́jú fáìlì kì í ṣàṣìṣe.

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú tì mí. Olùkọ́ kan tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa jókòó ọjọ́ kan gbáko ti ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ọmọ eèrà, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà ṣubú lulẹ̀ nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán tí a ní yóò jáde ní aago kan kò jáde títí aago mẹ́rin fi kù díẹ̀. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n mo búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní tó bá tún di ọdún, a ó béèrè ohun tí oníkálukú nílò nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀, kí a lè tètè ṣètò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún wọ̀ mí lára nítorí ẹnì kan. Ìyá tó kọ́ èmi fúnra mi ní kéwú ni yóò kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Ó ti ń múra láti kó padà sí Ìlọrin ní òpin oṣù, gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àkẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn láàárín wa. Bí ọmọdé ṣe ń pe àwọn lẹ́tà tó ń ti ọ̀fun jáde ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ èèyàn ní ìyẹn. Ìyá á fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀, á ní kí ìwọ náà fi ìka kan tìẹ, á pè é, wàá pè é, á ní irọ́ ni, wàá tún un pè títí yóò fi dún bó ṣe yẹ kó dún. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. N kò tíì rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kaduna.

Mo jókòó, mo kọ fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni “Ṣé ẹ ní àbùkù ara kankan?” Alága wa, Alhaji kan tó ti jẹ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó kà á, ó wò mí.

“Akọ̀wé, ṣé ìbéèrè nìyí àbí èébú?”

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé e padà sílé, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gún ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wá fúnra rẹ̀, ó rọrùn, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú: “Ṣé ara yín le?” Lábẹ́ rẹ̀ mo fi ti oúnjẹ sí i: “Kí ni ẹ kì í jẹ?” Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ kà á sétí ọkọ mi, òun náà ní mo gbìyànjú. A ṣe fótókópì rẹ̀, a pín in.

Fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló padà wá. Mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú bírò pupa, kí n máa fi fa ìlà sábẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣètò. Ṣé ara yín le? “A dúpẹ́.” Ṣé ara yín le? “Alhamdulillah.” “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” “Ara le koko, ẹ̀yin ńkọ́?” Ẹni yẹn tilẹ̀ dá ìkíni padà fún bébà. Obìnrin tó ṣubú lulẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lójú gbogbo wa, òun náà kọ “A dúpẹ́.” Bírò pupa mi kò rí nǹkan kan fà.

Ti oúnjẹ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀dùn. Kí ni ẹ kì í jẹ? “Ẹran ẹlẹ́dẹ̀.” Gbogbo wọn, látòkè délẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-kéwú! Bóyá wọ́n rò pé mo fẹ́ dán ìgbàgbọ́ wọn wò ni. Ẹnì kan kọ “ẹran ẹlẹ́dẹ̀, òkú ẹran àti owó èlé.” Mo bi í bí ẹni pé ó wà níwájú mi, pé ìkòkò wo ni kí a fi se owó èlé fún un. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu tí àwọn èèyàn mi ní, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ̀.

Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní àwa yìí, bí ilé bá ń jó lé wa lórí, tí ẹnì kan bá bi wá pé báwo ni, a ó ní a dúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo ra káàdì ìpè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́. Ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo rí i pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti orí àìsàn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Nítorí náà mo fi àìsàn sílẹ̀, mo béèrè nípa ọjọ́ náà gan-an. Agogo mélòó lẹ máa ń jẹun àárọ̀, ṣé ó lè pẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ máa ń fi ṣúgà sínú kùnú? Bí ọbẹ̀ bá ní ẹ̀pà ńkọ́? Tí ẹ bá jókòó sẹ́yìn, ṣé ẹ máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, àtẹ̀gùn méjìdínlógún ni, ṣé ẹ lè gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́?

Hà, ẹnu là! Àwọn tó dúpẹ́ fún mi lórí bébà wá ń rò fún mi bí ẹni tó jókòó sí iwájú dókítà. Ọkùnrin kan ní tí òun bá fẹnu kan ẹ̀pà, ètè òun á wú, èémí òun á sì há. Mo ní kí ló dé tó kọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò béèrè ẹ̀pà, Alhaja.” Ẹni méje ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni méjì ní ọgbẹ́ inú, ata ò bá wọn lára mu. Ẹni mẹ́ta fẹ́ ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹnì kan, etí ọ̀tún nìkan ló fi ń gbọ́. Ní ti àtẹ̀gùn, ẹni méjì ní àwọn á gùn ún, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo wá jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ di ìwé mẹ́ta. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Iye ló wà níbẹ̀: abọ́ mélòó láìní ata, abọ́ kan láìní ẹ̀pà rárá, ṣúgà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwo kékeré, oúnjẹ ọ̀sán ní aago kan géérégé. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé, lẹ́tà ńlá ló wà níbẹ̀. Èyí tó ní orúkọ wà lọ́wọ́ èmi àti obìnrin tí yóò dúró ti tábìlì oúnjẹ, nítorí àìsàn olúwarẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ọjà.

Olóúnjẹ wa, Hajiya kan ní Tudun Wada, ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Mo fi Hausa bá a sọ ọ́ pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Ó ní “Ba matsala,” kò sí ìyọnu, òun á yọ ọ́ kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó dúró, kí ó ka gbogbo ohun tó fẹ́ sè fún mi. Ọbẹ̀ taushe: ẹ̀pà lílọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹran súyà: kúlíkúlí wà nínú yájì, ata tí wọ́n ń wọ́n sí i. Ẹ̀wà: òróró ẹ̀pà tí wọ́n fún ládùúgbò ló fi ń dín àlùbọ́sà rẹ̀. Ó ní “Wallahi, n kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.” A fẹnu kò pé ìkòkò ọkùnrin náà á dá wà, ìgbakọ rẹ̀ á dá wà, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ sè kí ọwọ́ tó kan ẹ̀pà, wọ́n á sì dé e. Obìnrin yẹn nìkan ni kò bí mi nínú ní gbogbo oṣù náà.

Àtẹ̀gùn ló kù. Ilé tí a háyà, gbọ̀ngàn ìpàdé wà lókè, yàrá ìjẹun wà nísàlẹ̀, ó sì tó wa. Mo lọ bá Alága pé kí a pààrọ̀ wọn, kí a máa kẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀. Ó ní a ní láti fa wáyà gbohùngbohùn sísàlẹ̀, a ní láti gbé kápẹ́ẹ̀tì àti àga, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ta ló béèrè? Mo ní ẹni méjì ní díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa gùn ún. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ṣì ni gígùn. Ó wá fi ìka kan fáìlì mi.

“Akọ̀wé, mú fọ́ọ̀mù ẹnì kan ṣoṣo wá, kó wà níbẹ̀ pé òun ò lè gun òkè. Lónìí olónìí ni màá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

N kò lè sọ pé ó ṣe mí níbi. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́. Mo sì ti ní ẹni náà lọ́kàn, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu èèyàn pé orúnkún ń yọ Ìyá lẹ́nu. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ náà, “A dúpẹ́” ló wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó tẹ́jú, ó dára, bí ìgbà tó máa ń kọ̀wé sí wàláà wa.

Òun ni mo fi ṣe ìkẹyìn nínú àwọn tí mo pè. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná mi, bẹ́ẹ̀ kò rí mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le?” Ó ní, “A dúpẹ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́?” Bébà ìbéèrè mi wà níwájú mi. Mo ti bi ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi pàṣán lé wa yí àgbàlá mọ́ṣáláṣí ká nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí kò sí ẹni tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í bóyá ó lè gun òkè? Ẹnu mi kọ̀. Mo ní, “Ìyá, ṣé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ká ṣe sílẹ̀ dè yín?” Ó ní, “Kí ni mo tún fẹ́? Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n tètè jókòó.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ “kò sí” síwájú orúkọ rẹ̀. Ilé Ìyá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọ́fíìsì mi lọ, n kò sì yà síbẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní lọ dáadáa. Oúnjẹ jáde ní aago kan, ọkùnrin tí kì í jẹ ẹ̀pà jẹun nínú ìkòkò tirẹ̀ ó sì ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń lo oògùn bu kùnú wọn láìfi ṣúgà sí i. Ẹni tó ń fi etí ọ̀tún gbọ́, ọwọ́ òsì gbọ̀ngàn ni mo fi sí níwájú, kí etí tó ń gbọ́ lè kọjú sí olùkọ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tó ti borí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ gbé Ìyá dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹnu géètì dé ìdí àtẹ̀gùn, tí kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìn-ín-ní, ó di irin mú, ó gbé e lé ìkejì, ó dúró síbẹ̀, ó gbé ojú sókè wo mẹ́rìndínlógún tó kù. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga tí ọmọ rẹ̀ gbé fún un lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn á gbé e tàga-tàga. Ìyá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta lẹ fẹ́ gbé? Ṣé òkú ni mí?”

Kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ kan àga náà. Mo sáré gun òkè lọ bá Alága, mo ní ó yá, kí gbogbo wọn máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní báwo? Gbogbo èèyàn ti jókòó, gbohùngbohùn ti wà lórí wáyà, ìkòkò gbígbóná ti wà lórí gbogbo tábìlì nísàlẹ̀. Ó na fáìlì mi sí mi.

“Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òun le. Ìwọ fúnra rẹ lo fi hàn mí.”

Mo fẹ́ bú u. Mo wá ohun tí mo lè fi bú u, n kò rí i. Wọ́n fún alfa ọ̀dọ́ kan ní ìwé tí Ìyá kọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ó máa kà á.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ ti Ìyá. Ohùn alfa náà ń bọ̀ láti òkè nínú gbohùngbohùn. Ó ń ka ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, ó pe èyí tó jẹ́ ti ọ̀fun, ẹnu lásán ló fi pè é, olùkọ́ bí ọgọ́ta sì pè é tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀. Ìyá dìde lórí àga díẹ̀. “Rárá!” ló ní. “Ọ̀fun ni! Ọ̀fun ni!” Ohùn rẹ̀ kò dé òkè. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n ṣe pè é lákọ̀ọ́kọ́. Omi wà lójú rẹ̀, inú ló sì ń bí i, ẹkún kọ́.

Hajiya olóúnjẹ tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí rọra pe lẹ́tà náà, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń pè é síta. Ìyá yíjú sí i, ó ní “Zo nan.” Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá. Ìyá fi ìka rẹ̀ kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó ní kí Hajiya fi ìka tirẹ̀ kan ọ̀fun tirẹ̀. Ó pè é. Hajiya pè é. Irọ́ ni. Ó tún un pè. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó dún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkẹ́yìn Ìyá ní Kaduna ṣe lọ, láàárín ẹ̀wà àti ìkòkò, fún ẹnì kan.

Nígbà tó parí, mo ní, “Ìyá, ẹ dákun, ẹ máà bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ ‘a dúpẹ́’ sínú fọ́ọ̀mù?”

Ó ní, “O kí mi, mo dá ọ lóhùn. Ìgbà wo lo bi mí ní nǹkan?”

Gbogbo oṣù yẹn ni mo fi ń pe àwọn èèyàn mi ní aláìlèsọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo tẹ ìkíni sórí bébà tí mo ń retí ìròyìn. Mo sì tún ní àyè kejì láti ṣàtúnṣe, lórí fóònù, mo fi ìyẹn náà kí i.

Fọ́ọ̀mù wa ti yí padà. Kò sí “ṣé ara yín le” níbẹ̀ mọ́. Iye àtẹ̀gùn ni mo kọ síbẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa sè, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyè láti fi àmì sí èyí tí olúwarẹ̀ kò lè jẹ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹni mẹ́ta fàmì sí i pé àwọn ò lè gun òkè. Alága mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ibi tí àga Ìyá wà ni wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ.

Mo máa ń pe Ìyá ní Ìlọrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè é, mo ní, “Ìyá, ṣé ara le?” Ó ní, “A dúpẹ́, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò béèrè ọkọ mi, kò béèrè ilé. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ó ń dúró dè mí ni.

Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ ṣì ń dá dìde fúnra yín láàárọ̀?”

“Rárá,” ó ní. “Ó ti tó oṣù méjì. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ni.”